Ọ̀rọ̀ Tí Ìparí Ìlà Gé sí Méjì

Ojú ewé ìwé ní ìbú tirẹ̀, kì í sì í fẹ̀ sí i nítorí pé ọ̀rọ̀ kan gùn. Bí àwọn tó ń to lẹ́tà nílé ìtẹ̀wé bá dé ìparí ìlà tí àyè kò gba odidi ọ̀rọ̀ mọ́, wọn a gé e sí méjì. Wọn a fi ìlà kékeré tí à ń pè ní háífìn sẹ́yìn apá àkọ́kọ́, apá kejì a sì bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó tẹ̀ lé e. Àṣà yìí ti pẹ́ púpọ̀. Ó wà nínú Bíbélì tí Gutenberg tẹ̀ ní Mainz ní nǹkan bí ọdún 1455, ó sì wà nínú ìwé àti ìwé ìròyìn Yorùbá láti ìgbà tí wọ́n ti ń tẹ̀ wọ́n. Ẹni tó ń kàwé kì í fiyè sí i. Ojú a fò ó, ọkàn a so ọ̀rọ̀ náà pọ̀, kíkà a sì máa lọ.

Ìṣòro dé nígbà tí a bá ya àwòrán ojú ewé náà, tí a sì fẹ́ sọ ohun tó wà lára rẹ̀ di ọ̀rọ̀ inú kọ̀ǹpútà. Lójú fóònù tàbí nínú ìwé tí a tún tẹ̀, ìlà kò ní parí síbi tó parí sí tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí háífìn bá wà níbẹ̀ síbẹ̀, yóò bọ́ sáàárín ìlà, òǹkàwé yóò sì máa rí «pa-dà» níbi tí òǹkọ̀wé ti kọ «padà». Ẹni tó bá ń wá «padà» nínú fáìlì náà kò ní rí i. Bí a bá sì pa gbogbo háífìn tó wà ní ìparí ìlà rẹ́ láìwo ojú ẹnikẹ́ni, «ilé-ìwé» yóò di «iléìwé», ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé kò kọ rárá.

Háífìn méjì ló wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà kan náà ni ojú ń rí. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti atẹ̀wé: àìsí àyè ló mú un wá, kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì yẹ kó lọ nígbà tí ìlà bá lọ. Èkejì jẹ́ ti òǹkọ̀wé: ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà níbi gbogbo, ó kàn ṣe kòńgẹ́ pé ìlà parí síbẹ̀ ni. Tadà kan náà ni wọ́n fi tẹ àwọn méjèèjì, gígùn wọn dọ́gba. Kò sí ohun kan lára háífìn náà tó lè sọ irú èyí tó jẹ́. Ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ti ibòmíràn wá, ibi tí a ti ń rí ẹ̀rí yìí ni orí yìí dá lé.

Dichemso, ní Kumasi, ni mo ti ń ṣe àdàkọ ìwé Yorùbá. Àwọn Yorùbá tó fi Gánà ṣe ilé pọ̀ gan-an kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí wọ́n fún ní ọ̀sẹ̀ méjì kì í ráyè ka ìwé rẹ̀ mọ́ ẹrù, nítorí náà ìwé ìsìn, ìwé orin àti ìwé kíkà ilé ẹ̀kọ́ ṣẹ́ kù sínú àpótí ní àwọn ilé kan. Bébà wọn ti pọ́n, ẹ̀yìn wọn ti le, wọn kì í sì í ṣí dáadáa mọ́. Fóònù ni mo fi ń ya àwòrán wọn, nítorí ẹ̀rọ aláwo tó ń ya ojú ewé nílò kí a tẹ ìwé mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn ìwé tó gbẹ yóò sì ya.

Kí a tó sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ibi tí háífìn ti ń sọnù ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nígbà tí ìwé bá ṣí sílẹ̀ níwájú wa, ìlà ojú ewé ọwọ́ òsì máa ń parí sínú kòtò àárín ìwé, níbi tí ewé ti tẹ̀ wọlé. Ìlà ojú ewé ọwọ́ ọ̀tún máa ń parí sí etí òde, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Nítorí náà, ojú ewé ọwọ́ òsì ni háífìn ti ń bọ́ sínú òjìji, tí àwòrán sì ń fún un pọ̀ títí yóò fi dà bí àmì ìdánudúró, tàbí kó má tilẹ̀ hàn rárá. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ rọrùn: kí a ka háífìn ìparí ìlà tó jáde ní ojú ewé ọwọ́ òsì mélòó kan, kí a sì kà ti ọwọ́ ọ̀tún tí iye wọn jọ dọ́gba. Atẹ̀wé kò ní ìdí kan láti máa gé ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kan ju èkejì lọ. Bí ti òsì bá kéré jọjọ, àwòrán ló gbé wọn mì. Kí a tún àwòrán yà, kí iná wá láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ìwé náà, kí ó lè tàn wọ inú kòtò, kí fóònù sì dojú kọ ewé kan ṣoṣo dípò méjì.

Àmì kejì tí a fi ń mọ̀ pé háífìn ti sọnù ni ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tí kò nítumọ̀. Bí ìlà kan bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «kọ̀ọ́» tàbí «tia», tí ìlà tó ṣáájú rẹ̀ sì parí láìní háífìn, kí a padà síbi àwòrán.

Àwòrán tó mọ́ a wá lọ sọ́dọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka lẹ́tà lára àwòrán. Tesseract ni mò ń lò. Ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard ló kọ́kọ́ ṣe é láàárín ọdún 1985 sí 1994, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2005. Ó ní ìmọ̀ èdè Yorùbá tirẹ̀, «yor» ni orúkọ tí a fi ń pè é:

```
tesseract ewe12.png ewe12 -l yor
```

Ohun tó ń gbé jáde máa ń tẹ̀ lé ìlà ìwé gan-an, ìlà fún ìlà, háífìn pẹ̀lú. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí a nílò láti rí ibi tí ìlà parí sí. Àwọn ètò mìíràn máa ń fi àmì «¬» rọ́pò háífìn ìparí ìlà, àwọn kan sì máa ń fi háífìn tí ojú kì í rí, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ U+00AD, sínú ọ̀rọ̀. Èyí tí ojú kì í rí yìí léwu jù. Ọ̀rọ̀ yóò pé lójú wa, ṣùgbọ́n bí a bá wá a nínú fáìlì, kọ̀ǹpútà yóò ní kò sí. Bí ìwádìí bá kùnà lórí ọ̀rọ̀ tí a ń wò kòrókòró, U+00AD ni ká kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ jẹ́ ká wá mú àpẹẹrẹ kan. Èmi ni mo kọ àyọkà kékeré yìí fúnra mi, kí oríṣiríṣi ìṣòro lè wà lójú kan:

```
Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn akẹ́-
kọ̀ọ́ láti Dichemso bá olùkọ́ ilé-
ìwé wọn lọ sí ọjà ńlá tó wà ní Keje-
tia. Wọ́n pàdé àwọn tó ń pa-
dà bọ̀ láti Bonwire pẹ̀lú aṣọ kẹ́ńtẹ̀.
Wọ́n bá ojú ọ̀nà tí a ti gbá tóní-
tóní.
```

Háífìn márùn-ún ló wà ní ìparí ìlà. Òfin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dà kọ lọ́dọ̀ ara wọn nínú èdè Python nìyí:

```
t = re.sub(r"(\w)-\n(\w)", r"\1\2", t)
```

Ohun tó ń sọ ni pé níbikíbi tí lẹ́tà kan, háífìn, òpin ìlà àti lẹ́tà mìíràn bá ti tẹ̀ léra, kí háífìn àti òpin ìlà kúrò láàárín wọn. Lórí àyọkà wa, ó so «Kejetia» pọ̀ dáadáa, ó so «padà» pọ̀ dáadáa. Ó sọ «ilé-ìwé» di «iléìwé», ìyẹn ti bàjẹ́. Ó so «tónítóní» pọ̀, bóyá ó tọ̀nà, bóyá kò tọ̀nà, a óò padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan «akẹ́-kọ̀ọ́» rárá. Ó fò ó kọjá bí ẹni pé háífìn kò sí níbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ yẹ kí gbogbo ẹni tó ń fi Yorùbá ṣe iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mọ̀. Nínú ètò nọ́ńbà lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò, tí wọ́n ń pè ní Unicode, «é» ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, U+00E9, nítorí pé èdè Yúróòpù lò ó. «ẹ» náà ní nọ́ńbà kan, U+1EB9. Ṣùgbọ́n «ẹ́», ìyẹn ẹ tó ní àmì ohùn òkè, kò ní nọ́ńbà kan tó jẹ́ tirẹ̀. «ẹ̀», «ọ́» àti «ọ̀» náà kò ní. Ohun méjì tó tẹ̀ léra ni wọ́n: fún «ẹ́», lẹ́tà «ẹ» fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà àmì ohùn, U+0301. Nínú òfin Python tí a kọ sókè, «\w» túmọ̀ sí lẹ́tà tàbí nọ́ńbà, àmì ohùn tó dá dúró kò sì sí lára wọn. Nígbà tí òfin náà dé «akẹ́-», ohun tó rí ṣáájú háífìn kì í ṣe lẹ́tà bí kò ṣe àmì ohùn, nítorí náà ó ní ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Bí ètò tó ka àwòrán bá tú gbogbo fáwẹ̀lì alámì sí méjì, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe, «ilé-» àti «tóní-» náà yóò bọ́ lọ́wọ́ òfin yẹn.

Àṣìṣe yìí kì í pariwo. Ètò náà ṣiṣẹ́ délẹ̀, kò kígbe, ó sì so ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ pọ̀ tí ẹni tó ń wò ó yóò fi rò pé iṣẹ́ ti parí. Àwọn tó ṣẹ́ kù ni àwọn tí gígé wọn bọ́ sẹ́yìn ẹ tàbí ọ alámì ohùn, ìyẹn nínú èdè Yorùbá sì pọ̀ jaburata. Ọ̀nà láti mọ̀ ni kí a wá gbogbo ìlà tó ṣì fi háífìn parí lẹ́yìn tí òfin bá ti ṣiṣẹ́. Bí àwọn tó ṣẹ́ kù bá ń fi «ẹ́-», «ọ̀-» àti irú wọn parí, a ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Òfin yẹn tún ní ibi mìíràn tó ti ń ṣeni lọ́ṣẹ́. Nítorí pé «\w» gba nọ́ńbà, ó máa ń so ọdún pọ̀. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend ń tẹ̀ ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ ní 1859, ó sì dáwọ́ dúró ní 1867 nígbà tí ìfọ́lé dé bá àwọn míṣọ́nnárì. Bí ìwé kan bá kọ «1859-1867», tí ìlà sì parí sáàárín, òfin náà yóò sọ ọ́ di «18591867». Nínú ìwé ìsìn, ẹsẹ «12-15» yóò di «1215», kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ títí ẹnì kan yóò fi lọ wá ẹsẹ náà.

Àtúnṣe tí mo gbà kò ní kí kọ̀ǹpútà pinnu ohunkóhun. Ẹgbẹ́ Distributed Proofreaders, tí Charles Franks dá sílẹ̀ ní ọdún 2000 láti máa pèsè ìwé fún Project Gutenberg, ní àṣà kan tó dára: bí ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò kò bá mọ̀ bóyá háífìn yẹ kó wà, kí ó so apá méjèèjì pọ̀, kí ó fi háífìn sílẹ̀, kí ó sì fi ìràwọ̀ kan sẹ́yìn rẹ̀, «-*». Àwọn fi èyí pa mọ́ fún ọ̀rọ̀ tó rú wọn lójú nìkan. Fún Yorùbá, mo fi í sára gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìlà gé, lẹ́yìn náà ni mo wá tú wọn ká:

```
ami = "\u0300\u0301\u0304\u0323\u0329"
oro = r"([\w" + ami + r"]+)"
t = re.sub(oro + r"[-\u2010\u00ad¬] *\n *" + oro, r"\1-*\2", t)
```

Ìlà àkọ́kọ́ ka àwọn àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà mọ́ ara ọ̀rọ̀. U+0323 ni àmì tóótó abẹ́, U+0329 sì ni ìlà kékeré òòró tí ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá fi rọ́pò rẹ̀ lábẹ́ e, o àti s. Ìlà kẹta gba oríṣi háífìn mẹ́rin, ó sì fàyè gba àlàfo tí ètò kíkà máa ń fi sí ìparí ìlà. Lẹ́yìn èyí, àyọkà wa yóò ní «akẹ́-*kọ̀ọ́», «ilé-*ìwé», «Keje-*tia», «pa-*dà» àti «tóní-*tóní». Kò sí èyí tó bàjẹ́, kò sí èyí tó fara pamọ́. A lè wá kó gbogbo wọn jọ, kí a rí iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ yọ:

```
grep -o '[^ .,;:!?]*-\*[^ .,;:!?]*' iwe.txt | sort | uniq -c | sort -rn
```

Ìdájọ́ ló kù. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń béèrè lọ́wọ́ ìwé atúmọ̀-èdè: ǹjẹ́ apá àkọ́kọ́ dá dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀? Bí kò bá dá dúró, a jẹ́ pé atẹ̀wé ló gé e. Ìbéèrè yìí kò wúlò fún wa. Gbogbo sílébù Yorùbá ló ń parí sí fáwẹ̀lì, yálà fáwẹ̀lì lásán tàbí àránmúpè, tàbí kí ó jẹ́ n tàbí m tó dá gba ohùn. Ọ̀rọ̀ wa náà ń parí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà apá àkọ́kọ́ tí ìlà gé máa ń jọ ọ̀rọ̀ tó pé, ó sì sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. «Pa» jẹ́ ọ̀rọ̀, «dà» jẹ́ ọ̀rọ̀, síbẹ̀ «padà» ni òǹkọ̀wé kọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ apá kejì ni kí a wò. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì, háífìn òǹkọ̀wé sì sábà máa ń wà láàárín ọ̀rọ̀-orúkọ méjì, tàbí láàárín ọ̀rọ̀-ìṣe àti orúkọ tí a kò pa fáwẹ̀lì rẹ̀ jẹ: ilé-ìwé, ọmọ-ọba, ìyá-àgbà, atúmọ̀-èdè. Láàárín ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ẹyọ kan, tàbí èyí tí ìpajẹ ti ṣẹlẹ̀ sí, kọ́ńsónáǹtì ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sílébù tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí apá kejì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì, ó ṣeé ṣe gidigidi kí háífìn jẹ́ ti atẹ̀wé. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti òǹkọ̀wé. «Kọ̀ọ́», «tia» àti «dà» bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kìíní, «ìwé» bọ́ sí èkejì. Mẹ́rin nínú márùn-ún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú láìtíì ṣí ìwé atúmọ̀-èdè kankan.

Ṣùgbọ́n àmì ni, kì í ṣe òfin. Fáwẹ̀lì tó gùn lè tàn wá. Bí atẹ̀wé bá gé «akẹ́kọ̀ọ́» sí «akẹ́kọ̀-» àti «ọ́», apá kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì, háífìn kò sì sí níbẹ̀. Èyí rọrùn láti mọ̀, nítorí fáwẹ̀lì kan náà ló wà lápá méjèèjì. Èyí tó le ni «ojoojúmọ́». Gé e sí «ojo-» àti «ojúmọ́», apá kejì yóò di ọ̀rọ̀-orúkọ tó pé, tó ní ìtumọ̀ tó bá gbólóhùn mu. Ẹni tó bá ń kánjú yóò fi háífìn sílẹ̀. «Iléeṣẹ́», bí àwọn ìwé ìròyìn kan ti ń kọ ọ́, àti «ilé-iṣẹ́» náà tún wà: òǹkọ̀wé kan a kọ èyí, òmíràn a kọ ìyẹn. Ní ẹ̀gbẹ́ kọ́ńsónáǹtì, «onímọ̀-sáyẹ́ǹsì» ní háífìn tirẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àyálò kì í sábà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì. Àwọn ọ̀rọ̀ àpètúnpè bí «tónítóní» sì wà, tí òǹkọ̀wé kan máa ń so pọ̀, tí òmíràn sì ń fi háífìn pín.

Fún irú ìwọ̀nyí, inú ìwé náà gan-an ni ẹ̀rí wà. Òǹkọ̀wé tó bá lo ọ̀rọ̀ kan ní ìparí ìlà sábà máa ń lò ó níbòmíràn láàárín ìlà, níbi tí atẹ̀wé kò ní ìdí láti gé e. Ká wá «tónítóní» àti «tóní-tóní» nínú ìwé tó kù. Bí èyí tó so pọ̀ bá jẹ yọ níbi púpọ̀ tí onípínpín kò sí rárá, ìdájọ́ ti dé. Kí ìwádìí yìí tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa, a ní láti bó àmì kúrò lára ọ̀rọ̀ nígbà tí a bá ń fi wọ́n wéra, nítorí ètò kíkà kì í rí gbogbo àmì ohùn, «tónitóní» àti «tónítóní» yóò sì dà bí ọ̀rọ̀ méjì lójú kọ̀ǹpútà:

```
def bo(s):
    s = unicodedata.normalize("NFD", s.lower())
    return "".join(c for c in s if not unicodedata.combining(c))
```

Bíbó àmì yìí wà fún wíwá nìkan. Fáìlì àdàkọ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wà pẹ̀lú àmì rẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ síra yóò dà pọ̀ bí a bá bó wọn, ṣùgbọ́n ìbéèrè wa níbí kì í ṣe ìtumọ̀, háífìn nìkan là ń béèrè.

Mo gbà pé ẹ̀rí inú ìwé yìí lágbára ju ìwé atúmọ̀-èdè èyíkéyìí lọ, ó sì tún lágbára ju ohun tí èmi fúnra mi rò pé ó tọ́. Àkọtọ́ Yorùbá tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ti mọ́ wa lára, ọwọ́ wa sì máa ń yá láti fi í tún ìwé àtijọ́ ṣe. Ìwé tó kọ «aiye» kò ní kọ «ayé», bẹ́ẹ̀ náà ni àṣà háífìn rẹ̀ kò ní bá tiwa mu. Iṣẹ́ àdàkọ ni láti gbé ohun tí òǹkọ̀wé kọ jáde. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ìgbà tí wọ́n tẹ ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, ní 1921, ó wọ́pọ̀ kí háífìn wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe òní àti ọ̀la. Ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì òde òní ṣe ìdájọ́ lórí ìparí ìlà irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò pa háífìn gidi rẹ́.

Ìwé Johnson tún kọ́ wa pé ìwé kan lè ní ọwọ́ méjì nínú. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló sì tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó kù lẹ́yìn ikú rẹ̀. Níbi tí ọwọ́ méjì bá ti wà, tàbí tí atòlẹ́tà méjì bá pín ìwé kan ṣe, àṣà méjì lè wà. Bí ìwádìí bá fi hàn pé ọ̀rọ̀ kan jẹ yọ pẹ̀lú háífìn nígbà mẹ́fà, tí ó sì jẹ yọ láìní háífìn nígbà márùn-ún, kí a má ṣe fi ọ̀pọ̀ borí. Kí a wo ibi tí wọ́n wà. Bí àwọn oníháífìn bá kó ara wọn jọ sí orí kan, èyí tó bá sún mọ́ ìparí ìlà tí a ń ṣèdájọ́ lé lórí ni kí a tẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ tó gba ojú ewé kan kọjá sí òmíràn tún ní wàhálà tirẹ̀. Ní ìparí ojú ewé, kì í ṣe òpin ìlà nìkan ló wà láàárín apá méjèèjì. Nọ́ńbà ojú ewé lè wà níbẹ̀, àkọlé orí tí wọ́n ń tẹ̀ sókè gbogbo ewé lè wà níbẹ̀, àlàyé ìsàlẹ̀ ewé náà sì lè wà. Òfin tí mo kọ sókè kò lè so apá méjèèjì pọ̀, nítorí pé ohun tó tẹ̀ lé òpin ìlà kì í ṣe apá kejì ọ̀rọ̀. Àṣà Distributed Proofreaders fún èyí ni láti fi «-*» sí ìparí ojú ewé àkọ́kọ́, kí a sì fi «*» sí ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e: «ọlọ́-*» níbí, «*jà» lọ́hùn-ún. Nígbà tí gbogbo ojú ewé bá pé jọ, a ó wá so wọn. Bí «*» bá wà tí «-*» kò sí ní ojú ewé tó ṣáájú, ojú ewé kan ló sọnù tàbí kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àmì kékeré yìí sì ti bá mi rí irú ewé bẹ́ẹ̀ kí ìwé tó kúrò lọ́wọ́ mi.

Kí a tún ṣọ́ra fún ìlà gígùn, «—», tí òǹkọ̀wé fi ń dá ọ̀rọ̀ dúró láàárín gbólóhùn. Bí ó bá bọ́ sí ìparí ìlà nínú kòtò ìwé, àwòrán lè gé e kúrú di háífìn, ọ̀rọ̀ méjì tí kò bára tan yóò sì di ọ̀kan. Láàárín àwọn oníràwọ̀ wa, irú èyí máa ń hàn gedegbe: «wọ́n-*nígbà», «ó-*bẹ́ẹ̀». Ká padà sí àwòrán, ká fi ojú wọn gígùn rẹ̀, ká fi í wé háífìn tó wà lójú ewé kan náà.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ kan yóò ṣẹ́ kù tó jẹ yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú odidi ìwé, ní ìparí ìlà gan-an. Orúkọ ènìyàn àti orúkọ ìlú ló pọ̀ jù nínú wọn. Orúkọ agbègbè Kumasi bíi Kejetia rọrùn fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀, nítorí a ń rí i lára pátákó lójoojúmọ́. Orúkọ abúlé kan nítòsí Ìṣẹ́yìn tí ìwé dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kò rí bẹ́ẹ̀. Kí a wo ìwé mìíràn tí òǹkọ̀wé kan náà kọ, lẹ́yìn náà ìwé mìíràn tí ilé ìtẹ̀wé kan náà tẹ̀ ní àkókò yẹn. Bí ibẹ̀ náà kò bá ní ẹ̀rí, mo máa ń fi ohun tí sílébù sọ ṣe ìdájọ́: mo pa háífìn rẹ́ bí kọ́ńsónáǹtì bá tẹ̀ lé e, mo fi í sílẹ̀ bí fáwẹ̀lì bá tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ̀rọ̀ náà sí ìparí fáìlì, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ewé, nọ́ńbà ìlà, bí ó ṣe rí nínú ìwé àti bí mo ṣe kọ ọ́, kí ẹni tó bá rí ẹ̀dà ìwé náà tó mọ́ ju tèmi lọ lè lọ tààrà síbẹ̀.